Ogún Píríọ́dù Kan Wúwo Ju Òmíràn Lọ: Bí A Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ Olùkọ́ Káàkiri Ọ̀sẹ̀

Olùkọ́ méjì lè ní ogún píríọ́dù lọ́sẹ̀, kí ó rẹ ọ̀kan tẹnutẹnu, kí ara èkejì sì yá gágá. Ọjọ́ tí píríọ́dù wọn bọ́ sí ló fà á, àti diútì tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo olùkọ́ ìṣirò kan ní ilé-ìwé girama, tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin, A dé D. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní píríọ́dù ìṣirò 5 lọ́sẹ̀. Wọ́n fún A àti B ní méjì-méjì lọ́jọ́ Ajé, wọn ò ní kankan lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n fún C àti D ní méjì-méjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò ní kankan lọ́jọ́ Ẹtì. Láti Ajé dé Ẹtì, olùkọ́ yìí ń kọ́ 6, 6, 4, 2, 2. Òun náà ló tún ń ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà ìsinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun: ó parí píríọ́dù kẹrin, ó dúró lórí pápá, ó tún wọ píríọ́dù karùn-ún. Kò ráyè mu omi.

Pàṣípààrọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. A mú píríọ́dù kan ti kíláàsì A láti ọjọ́ Ajé lọ sí Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ni àyè Ọjọ́bọ̀ sì gba ti ọjọ́ Ajé. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lófìífo ní àkókò tuntun tí wọ́n ń bọ́ sí; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kan á ní kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. A ṣe bákan náà fún C, láti Ìṣẹ́gun sí Ẹtì. Ó di 5, 5, 4, 3, 3. Bí àyè bá gba B àti D náà, ó di 4 lójúmọ́, ojoojúmọ́ sì ni gbogbo kíláàsì ń ṣe ìṣirò.

Ohun tí kò ṣeé ṣí nídìí ni a máa ń kọ́kọ́ fi sí táímùtébù: píríọ́dù méjì alásopọ̀ fún iṣẹ́ inú yàrá sáyẹ́ǹsì, ọjọ́ tí àgùnbánirọ̀ ń lọ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àti ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń tètè pa torí Jímọ̀. Diútì ló ń kẹ́yìn. Ọjọ́ tí píríọ́dù olùkọ́ kéré jù ni kí a fún un, kó má sì jẹ́ pé ó ní kíláàsì ṣáájú ìsinmi àti lẹ́yìn rẹ̀. Torí náà, diútì olùkọ́ ìṣirò wa lọ sí Ọjọ́bọ̀.

Olùkọ́ físíìsì tí píríọ́dù alásopọ̀ rẹ̀ kò ṣeé pín kò lè rí irú ìrànwọ́ yìí. Òun ni kí a má fún ní diútì kankan lọ́jọ́ náà.

Kí ọ̀gá tó lẹ táímùtébù mọ́ ògiri, kó kọ orúkọ olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ márùn-ún sókè, kó ka diútì kọ̀ọ̀kan bíi píríọ́dù kan. Níbi tí ọjọ́ tó wúwo jù bá ti fi ju méjì lọ ju èyí tó fúyẹ́ jù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣì kù.