Ta Ló Gba Owó Náà Gan-an?

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni alẹ́ẹ̀tì wọlé: 48,000 náírà ti kúrò nínú àkáǹtì. Ká ní aránṣọ kan ní Ìbàdàn ló ni fóònù náà. Ní ọdún tó kọjá, ó san owó ọdún kan fún áàpù tí wọ́n fi ń ya àwòrán sítáì aṣọ. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sú u, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ áàpù kò tíì fagi lé owó tó ń san. Áàpù lọ, àdéhùn dúró, nígbà tí ọdún sì yí po, owó tún jáde fúnra rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe nírú ọ̀ràn yìí ni pé wọ́n á kọ íméèlì ìbínú sí àwọn tó ṣe áàpù. Ìdáhùn tó sì sábà máa ń bọ̀ ni pé owó náà kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ó lè dà bí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, àmọ́ òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ra iṣu lọ́wọ́ aláròóbọ̀ kì í lọ bá àgbẹ̀ lóko pé kó dá owó òun padà.

Nítorí náà, alẹ́ẹ̀tì ni kí aránṣọ wa kọ́kọ́ wò dáadáa. Bí ó bá rí APPLE.COM/BILL, Apple ló tà á fún un. Bí ó bá rí GOOGLE, tí orúkọ áàpù tẹ̀ lé e, Google Play ni. Bí ó bá jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ tó ni áàpù ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé orí ìkànnì wọn ló ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sí i. Áàpù kan náà ni o, iye kan náà ni, àmọ́ òfin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí rẹ̀.

Ní ti Apple, àwọn tó ṣe áàpù kò láṣẹ láti dá kọ́bọ̀ padà. Apple nìkan ló lè ṣe é. Oníbàárà á lọ sí reportaproblem.apple.com, á wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tó fi rà á, á yan "Request a refund", á sọ ìdí, á sì fi ránṣẹ́. Láàárín wákàtí 24 sí 48, èsì sábà máa ń dé. Bí owó náà bá ṣì ń rìn lọ́nà, tí báńkì kò tíì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, kò lè tíì béèrè. Àfi kó dúró díẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: Apple lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe áàpù bí oníbàárà ṣe lò ó sí, wọ́n sì ní wákàtí 12 láti fèsì, bí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó ń bínú pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́, tó sì ń lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, ń ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ní ti Google Play, aago ló ń darí ọ̀rọ̀. Kí wákàtí 48 tó pé lẹ́yìn tí owó jáde, èèyàn lè béèrè lọ́wọ́ Google fúnra rẹ̀, Google á sì pinnu bóyá á dá a padà tàbí kò ní dá a padà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe áàpù ni Google á darí rẹ̀ sí, àwọn yẹn sì ní agbára láti dá owó padà. Aránṣọ wa tó gba alẹ́ẹ̀tì ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní títí di aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá ní òun á kọ́kọ́ parí aṣọ ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀, ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ á ti tì kó tó débẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìkànnì iléeṣẹ́ ló ti fi káàdì san án, kò sí alárinà tó ní òfin tirẹ̀. Ohun tí iléeṣẹ́ náà kọ sínú àdéhùn ni. Àwọn kan máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 14, àwọn mìíràn 30, àwọn kan á sì sọ gbangba pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ láàárín owó oṣù àti owó ọdún ti ń dunni jù. Ká ní áàpù aránṣọ wa ń gba 6,000 náírà lóṣù, tàbí 48,000 lọ́dún. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá san tọdún jèrè 24,000. Òótọ́ ni, bó bá lo oṣù 12 pé. Àmọ́ 48,000 náà jẹ́ owó oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá lò ó tó oṣù mẹ́jọ ti pàdánù. Fífagi lé e láàárín ọdún kì í sábà mú owó oṣù tó kù padà; ó kàn ń dá ti ọdún tó ń bọ̀ dúró ni, èèyàn á sì máa lò ó títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ẹni tó ń san lóṣooṣù tó gbàgbé, 6,000 ló gbàgbé.

Ẹ̀yà kẹta kan wà tó ti da ọ̀pọ̀ láàmú: àdéhùn ọdún kan tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Adobe, tó ni Photoshop, ló gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fagi lé e láàárín ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ á gba gbogbo owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdajì owó oṣù tó kù ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Ká ní 60 dọ́là ni lóṣù, tí èèyàn sì fẹ́ kúrò lẹ́yìn oṣù kẹrin: oṣù mẹ́jọ ló kù, ìyẹn 480 dọ́là, á sì san 240 láti má lo nǹkan kan mọ́. Ní oṣù Okudu 2024, ìjọba Amẹ́ríkà gbé Adobe lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní iléeṣẹ́ náà fi owó ìtanràn yìí pa mọ́ fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀.

Bí iléeṣẹ́ bá kọ̀ jálẹ̀, ẹni tó fi káàdì san án ṣì lè lọ bá báńkì rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gba owó náà padà. Lábẹ́ òfin Visa, ó sábà máa ń ní 120 ọjọ́. Àmọ́ ẹ̀rí ni báńkì ń béèrè, kì í ṣe ìbínú. Ẹni tó sọ pé òun ti fagi lé e gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó fagi lé e kí owó tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn alẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹjọ́ aránṣọ wa ti rọ̀ nìyẹn, nítorí yíyọ áàpù kò fi íméèlì kankan sílẹ̀. Ẹni tó bá fagi lé e lóòótọ́ máa ń gba íméèlì tó ní ọjọ́ àti aago nínú.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba ní ààbò kan tí ti ilé kò ní. Lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974, bí ohun tí èèyàn fi káàdì gbèsè rà bá ju 100 pọ́n-ùn lọ, tí kò sì kọjá 30,000, báńkì àti ẹni tó tà á ló jọ máa dáhùn bí ọjà náà kò bá rí bí wọ́n ṣe ní ó rí. Owó ọdún tó jẹ́ 110 pọ́n-ùn lè bọ́ sábẹ́ òfin náà. Owó oṣù tó jẹ́ 11 pọ́n-ùn kò lè bọ́ síbẹ̀. Òfin náà kò sì wúlò fún ẹni tó kàn yí ọkàn padà.

Ká ní orúkọ Google ló wà lórí alẹ́ẹ̀tì aránṣọ wa, tí wọ́n sì gbà pé kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Náírà ló san, náírà náà ló máa gbà, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó wọlé. Ká ní dọ́là ni iléeṣẹ́ náà gbà lórí ìkànnì wọn ni, dọ́là náà á pé nígbà tó bá padà. Iye náírà tí báńkì á ṣẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ tó dé ni kò dájú.