Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé gígé ọ̀rọ̀ kúrú nìkan ló ń mú un yéni?

Rárá o. Ẹ wo èyí: “Po ORS mọ́ lítà omi kan, lò ó láàárín wákàtí 24.” Ó kúrú, àmọ́ ìyá ọlọ́jà lè má mọ lítà.

1. Ẹ fi ohun tó mọ̀ wọ̀n ọ́n: “Da gbogbo oògùn inú ọ̀rá náà sínú omi mímọ́ ike 50cl méjì. Bó bá ṣẹ́kù di àsìkò yìí lọ́la, dà á nù.” Ó gùn díẹ̀ sí i, kò burú.

2. Ìtàn àrùn ni kẹ́ ẹ gé, kì í ṣe iye omi. Bómi bá kéré, iyọ̀ á pọ̀ jù fọ́mọ.

3. Ẹ ní kí ìyá náà sọ ọ́ padà. Tó bá sọ pé ike kan ni, ẹ tún un kọ.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ ìkéde ìlera.