Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Oníkòkó

Ìyá ọmọ náà bí tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ O nẹ́gẹ́tíìfù ló ní, irú rẹ̀ nìkan ló sì yẹ kí wọ́n fà sí i lára. Ọkọ, àbúrò, ìyá ọkọ, pọ́sítíìfù ni gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì kan ló rántí bàbá àgbẹ̀ kan ní abúlé tó ti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ rí. Ọlọ́kadà lọ gbé e láti oko kòkó. Bàbá ò mọ obìnrin náà rí.

Wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú omi aláwọ̀ búlúù. Ó rì wọlẹ̀ wéré, àmì pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún éèdì àti mẹ́dọ̀wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pò ó mọ́ ti aláìsàn. Ká ní ó ṣù jọ ni, ewu ni ì bá jẹ́. Kò ṣù.

Àpò kan péré, nǹkan bí 450 mìlílítà, ni wọ́n gbà. Ó di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún gbà á.

Bàbá ń mu mọ́ọ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dá, bàbá."

"Ọmọ ńkọ́? Ó ti mu ọyàn?"