Ṣé Ẹ Máa Ń Gba Akẹ́kọ̀ọ́ Àjèjì?

“Ẹ káàárọ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ni mí. Ṣé ẹ máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì fún ọdún ìkọ́ṣẹ́?”

Tó bá ti di nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, irú lẹ́tà báyìí a máa ya lu àwọn iléeṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀. Èsì tó sábà ń padà wá kì í ju ìlà méjì lọ: ẹ má bínú, a kì í ṣe onígbọ̀wọ́ físà fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò béèrè onígbọ̀wọ́ o. Ó ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá kàwé ní Nàìjíríà yóò rántí Àítíì. Láti ọdún 1973 tí àjọ ITF ti dá ètò SIWES sílẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwé, tí yóò máa gbé e kiri láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn títí ọ̀gá kan yóò fi gbà á. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá òfin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́, ọmọ onílẹ̀ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mansẹ́sítà, ìyẹn gan-an ni ọ̀gá kọ́kọ́ ń rò. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, iléeṣẹ́ tó bá gba ẹni tí òfin kò fún láyè síṣẹ́ lè san owó ìtanràn tó tó 45,000 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan ṣoṣo, ó sì lè di 60,000 bí wọ́n bá tún un ṣe. Òṣìṣẹ́ tó ń ka ímeèlì nídìí ẹ̀rọ kò ní fẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ tọwọ́ òun jáde. Tí ohun tó kà kò bá yé e tó, “rárá” ló yá a lẹ́nu.

Ohun tí òfin wí kò le tó bí àwọn iléeṣẹ́ ṣe ń rò. Yunifásítì ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà ìkẹ́kọ̀ọ́. Tí ìkọ́ṣẹ́ bá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà, tí ilé ìwé sì ń fún un ní máàkì, ilé ìwé náà ni yóò máa bá a ṣe onígbọ̀wọ́ lọ títí yóò fi parí. Iléeṣẹ́ kò ní í gba ìwé àṣẹ kankan, kò sì ní í san kọ́bọ̀ fún físà. Àkókò ìkọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo àkókò ẹ̀kọ́ lọ ní yunifásítì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dára lọ́dọ̀ ìjọba. Nínú àkókò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì bí òṣìṣẹ́ yòókù.

Ẹ jẹ́ ká wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Bùkọ́lá àti Fẹ́mi, tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀kọ́ dígírì kejì olóṣù 24 ni Bùkọ́lá forúkọ sílẹ̀ fún, oṣù 12 nínú kíláàsì, oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Ìdajì géérégé ni, òfin gbà á. Olóṣù 12 péré ni ti Fẹ́mi, kò sí ìkọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Fẹ́mi lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú. Kò sì sí pé ó ṣe 25 lọ́sẹ̀ yìí kó wá ṣe 15 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó lè dọ́gba. Ó wá ń wò ó pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kúkú ń bọ̀, òun á ṣiṣẹ́ kíkún nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà, nítorí àkókò tí ẹni tó ń ka dígírì kejì ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lójú òfin, ilé ìwé ṣì wà níwọlé fún un. Àwọn tó ń ka dígírì àkọ́kọ́ ló ní ìsinmi gígùn yẹn.

Tí Fẹ́mi àti Bùkọ́lá bá wá kọ lẹ́tà kan náà sí iléeṣẹ́ kan náà, báwo ni ẹni tó ń kà á yóò ṣe mọ ìyàtọ̀?

Àfi kí Bùkọ́lá sọ ọ́. Lẹ́yìn ìkíni àti orúkọ iṣẹ́ tó ń wá, ohun tó yẹ kó kọ kò ju báyìí lọ: “Físà ìkẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní, yunifásítì mi ló sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ mi. Oṣù 12 ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ mi tí wọ́n ń fún ní máàkì. Mo lè ṣiṣẹ́ kíkún láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì sí pé ẹ óò ṣe onígbọ̀wọ́ mi. Ilé ìwé mi yóò kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí sí i. Ṣé ìlànà yín gba akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nírú ipò yìí?” Ẹni tó gba irú lẹ́tà yìí lè gbé e síwájú ọ̀gá rẹ̀ láìní láti lọ ka òfin físà.

Tí wọ́n bá gbà á, wọn yóò béèrè kóòdù. Orí ìkànnì GOV.UK ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbà á: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án, W ló ń ṣíwájú èyí tó wà fún iṣẹ́. Ọjọ́ 90 ló ń lò, nítorí náà, kí ló dé téèyàn á fi í sínú lẹ́tà àkọ́kọ́? Iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí akẹ́kọ̀ọ́, tí fọ́tò àti ohun tí físà náà gbà á láyè láti ṣe yóò fi jáde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ ojú ìwé náà jáde lórí bébà tó fi ránṣẹ́, kò dúró fún àyẹ̀wò.

Fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ ló tún máa ń ríni lára. Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá èèyàn nílò onígbọ̀wọ́ nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú. Ní ti ọdún ìkọ́ṣẹ́, rárá ni. Ti ọjọ́ iwájú ni kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà, nítorí físà tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé tán kì í pẹ́ parí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má purọ́. Kó pe iléeṣẹ́ náà, kó bi wọ́n léèrè bóyá iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ yìí nìkan ni ìbéèrè náà ń tọ́ka sí. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ló ń yọ orúkọ èèyàn kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Àwọn “rárá” kan wà tí lẹ́tà kankan kò lè yí padà. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà tàbí tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ sábà máa ń fẹ́ ẹni tó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bí ọdún 5. Físà ìkẹ́kọ̀ọ́ kò sì gba kí akẹ́kọ̀ọ́ dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà iléeṣẹ́ kékeré tó bá ní kó máa kọ ìwé owó sí àwọn bí aláṣe-gbowó ti lé e kúrò lábẹ́ òfin nìyẹn, bí inú wọn ti wù kó mọ́ tó.

Lẹ́yìn tí Bùkọ́lá bá bẹ̀rẹ̀, yunifásítì gbọ́dọ̀ máa fi ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tó Họ́ọ̀mù Ọ́fíìsì létí. Bí iléeṣẹ́ bá dá a dúró ní oṣù kẹrin, tàbí tó rí ibòmíràn tó dára jù, ilé ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbé ẹsẹ̀ síbikíbi.