Ta Ni Iṣẹ́ Yóò Pọ̀ Jù Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ká ní òǹkọ̀wé kan fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ ìwé àfọwọ́kọ òun sórí kọ̀ǹpútà kíákíá. Orí mẹ́sàn-án ni ìwé náà ní, ó sì fẹ́ pín in fún atẹ̀wé mẹ́ta ní Àgbọ̀wọ́, n'Ìbàdàn, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye ojú ewé orí kọ̀ọ̀kan, láti orí kìíní dé ìkẹsàn-án, nìyí: 18, 25, 9, 31, 14, 22, 17, 28, 12. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 176.

Òfin méjì ló wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ gé orí kan sí méjì, àwọn orí tó bá sì kan ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Ìwé náà kò lè parí títí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù yóò fi ṣe tán. Nítorí náà, ohun tí òǹkọ̀wé ń wá ni ọ̀nà ìpín tí ẹrù ẹni tó ru ẹrù jù yóò fi kéré tó bó ṣe lè kéré tó. Ìbéèrè yìí gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun ni ìbéèrè 410 lórí LeetCode, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Split Array Largest Sum.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká pín 176 sí mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má kọjá bí ojú ewé 59. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ gba 18, 25 àti 9, ó di 52. Orí tó kàn jẹ́ 31, kò gbà á mọ́. Ẹnì kejì gba 31 àti 14, ó di 45. Gbogbo ìyókù wá já lé ẹnì kẹta lórí: 22, 17, 28 àti 12, tí í ṣe 79. Ìpín tó dọ́gba lójú ti pa ẹnì kan lẹ́rù.

A lè ní ká kúkú yẹ gbogbo ọ̀nà ìpín wò. Fún orí mẹ́sàn-án àti èèyàn mẹ́ta, ọ̀nà 28 péré ló wà. Ṣùgbọ́n bí orí bá di 50, tí èèyàn sì di márùn-ún, ọ̀nà náà di 211,876. Bí orí àti èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni iye yìí ń ga, títí tí kọ̀ǹpútà pàápàá kò fi ní í lè kà á tán.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ká fi ìpín sílẹ̀ ná, ká dá ààlà kan, ká sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ká ní a sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ojú ewé 60 lọ. Èèyàn mélòó, ó kéré tán, ni iṣẹ́ yìí yóò gbà? Èyí rọrùn láti dáhùn. A ó máa kó orí fún ẹni àkọ́kọ́ títí èyí tó kàn kò fi ní í gbà mọ́, a ó wá bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò sí èrè kankan nínú kí èèyàn dáwọ́ dúró nígbà tí àyè ṣì wà, nítorí ohun tó bá fi sílẹ̀, ọrùn ẹni tó ń bọ̀ ló máa já lé. Pẹ̀lú ààlà 60, a ó rí 52, 45, 39 àti 40. Èèyàn mẹ́rin nìyẹn. Mẹ́ta la ní, nítorí náà ìdáhùn sí 60 ni "rárá".

Bí 60 kò bá tó, 59 kò lè tó. Bí 80 bá tó, 81 náà yóò tó. Gbogbo "rárá" wà lápá kan, gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni" wà lápá kejì, wọn kì í dàpọ̀. Ẹnubodè tó wà láàárín wọn la ń wá, a sì lè máa pín àyè ibi tó lè wà sí méjì títí a ó fi bá a.

Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Ààlà kò lè dín sí 31, nítorí ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ tẹ orí tó gùn jù. Kò sì sí ìdí láti kọjá 176, tí í ṣe gbogbo iṣẹ́. Àárín wọn, bí a bá ju ìdajì tó ṣẹ́kù nù, ni 103. Pẹ̀lú 103, èèyàn méjì péré ló tó, nítorí náà a ó ju gbogbo ohun tó ju 103 lọ nù. Àárín 31 àti 103 ni 67. Ó mú 52, 67 àti 57 wá: èèyàn mẹ́ta gééré. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ tó. A dán 49 wò, ó gba èèyàn márùn-ún. A bọ́ sí 58, ó gba mẹ́rin. Lẹ́yìn náà 63, 65 àti 66, mẹ́rin ni gbogbo wọn gbà. Kò sí ibòmíràn mọ́ àfi 67. Nínú iye 146 tó lè jẹ́ ìdáhùn, ìdánwò méje péré la ṣe.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní èdè Python nìyí:

```python
def eniyan(ori, aala):
    iye, lowo = 1, 0
    for o in ori:
        if lowo + o > aala:
            iye, lowo = iye + 1, 0
        lowo += o
    return iye

def pin(ori, k):
    kere, po = max(ori), sum(ori)
    while kere < po:
        aarin = (kere + po) // 2
        if eniyan(ori, aarin) <= k:
            po = aarin
        else:
            kere = aarin + 1
    return kere
```

Ẹ kíyè sí àmì `<=` tó wà níbẹ̀. Nígbà tí 103 gba èèyàn méjì péré, a gbà á ní "bẹ́ẹ̀ ni", nítorí a lè gba orí kan lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn fún ẹnì kẹta, ẹrù ẹnikẹ́ni kò sì ní í pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fi dandan lé e pé iye èèyàn gbọ́dọ̀ pé mẹ́ta gééré, `==` ni yóò kọ, yóò sì ju ìdáhùn tó dára nù.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé jù ni `max(ori)`. Àwọn kan máa ń fi 0 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kò sí ohun tó kàn án. Ẹ gbé orí mẹ́ta, 40, 3 àti 2, fún èèyàn mẹ́ta. Bí a bá fi 0 bẹ̀rẹ̀, ètò náà yóò sọ pé 5 ni ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà tó gbé 40 dání. Ìdí ni pé nígbà tí 40 bá kọjá ààlà, ètò náà kàn ń bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni, ó sì ń kó 40 lé e lọ́wọ́ láìbéèrè bóyá ó gbà á. Ìdáhùn tòótọ́ jẹ́ 40.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Bí nọ́ńbà tó dín sí òfo bá wà nínú wọn, kíkó títí kò fi ní í gbà mọ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ohun tó kàn lè dín ẹrù kù. Bí a bá sì gbà kí orí máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún láìtẹ̀ lé ara wọn, ìṣòro mìíràn tó le ju èyí lọ fíìfíì la ti dé.

Ẹni tó bá rí ìdáhùn lè fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìtan kọ̀ǹpútà. Kó fi ìdáhùn náà ṣe ààlà, kó ka èèyàn, kó wá yọ ẹyọ kan kúrò lára rẹ̀, kó tún kà. Nínú ìwé wa yìí, 67 gba èèyàn mẹ́ta, 66 sì gba mẹ́rin. Bí èyí tó dín ní ẹyọ kan bá ṣì tó fún èèyàn tó wà nílẹ̀, ìdáhùn náà kò tíì kéré tó.