Nọ́ńbà 60 Bára Mu Pátápátá, Síbẹ̀ Olè Ló Ń Bá Mi Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, agogo méje alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Owó àjọ oṣù yẹn, ₦85,000, wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn ló sì máa ń gbà á jọ. Mo kọ̀wé sí i lórí Wọ́sáàpù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà o. Mo fẹ́ fi owó yẹn ránṣẹ́ báyìí." Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí èsì fi dé: "Ó dáa. Má fi sí àkáǹtì àtijọ́ o, báńkì ń yọ mí lẹ́nu. Lo èyí." Nọ́ńbà àkáǹtì kan tẹ̀lé e. Orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ní ọmọ tó ń bá wọn tajà ni.

Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ta ni báńkì kì í yọ lẹ́nu? Àmọ́ ìlà kékeré kan wà láàárín ọ̀rọ̀ wa tí n kò fiyè sí tẹ́lẹ̀: `Your security code with ... changed.` Ìyẹn ni pé kóòdù ààbò tó wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà.

Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọmọ kọ̀ǹpútà, mo rò pé mo gbọ́n. Mo kọ̀wé padà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ orúkọ mi lókè, ẹ wọ `Encryption`, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà tó bá jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Àwòrán náà dé. Mo ṣí tèmi, mo sì ń fi wọ́n wéra ní márùn-ún márùn-ún:

```
18402 55931 07764 92018
33475 60129 71846 25503
48817 09362 84150 66297
```

(Èyí kọ́ ni nọ́ńbà wa gan-an o, àpẹẹrẹ ni.) Gbogbo ọgọ́ta nọ́ńbà náà bára mu, ẹyọ kan ò yẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo ṣí áàpù báńkì mi. Ibi tí mo ti ń tẹ owó ni ìbéèrè kan ti wá sí mi lọ́kàn: kí ni nọ́ńbà tó bára mu yìí fi hàn ná?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni Wọ́sáàpù ti ń ti gbogbo ọ̀rọ̀ wa pa kó tó kúrò lórí fóònù. Ẹ rò ó bí àgádágodo. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní àgádágodo tó ń pín fún gbogbo ayé, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ kan tí kì í jáde kúrò nínú rẹ̀ láéláé. Bí mo bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, fóònù mi á gba àgádágodo ẹ̀gbọ́n mi, á fi ti ọ̀rọ̀ náà pa, fóònù tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló sì lè ṣí i. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ò lè kà á. Bó ṣe rí gan-an díjú ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n fún ohun tá a fẹ́ sọ, àgádágodo tó.

Ọwọ́ ta ni mo ti gba àgádágodo ẹ̀gbọ́n mi? N kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ Wọ́sáàpù ló gbé e fún mi, tó ní, "Ti ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí." Bí ẹnì kan bá wà láàárín wa, tó gbé àgádágodo tirẹ̀ fún mi, tó sì tún gbé òmíì fún ẹ̀gbọ́n mi, ó lè fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí ọ̀rọ̀ mi, kó kà á tán, kó fi àgádágodo ẹ̀gbọ́n mi tì í padà, kó sì fi ránṣẹ́. Èmi ò ní mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò ní mọ̀.

Ohun tí nọ́ńbà ọgọ́ta yẹn wà fún nìyẹn. Ọgbọ̀n nínú rẹ̀ wá láti ara àgádágodo tèmi, ọgbọ̀n yòókù wá láti ara ti ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù máa kó àgádágodo náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ni ín sínú ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní SHA-512. Ìṣirò yìí dà bí ẹ̀rọ ìlọta: o lè da ata sínú rẹ̀ kó lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o ò lè yí i padà kí ata odindi jáde. Fóònù á lọ̀ ọ́ ní ìgbà 5,200. Lára ohun tó bá jáde, á gé apá mẹ́fà, á sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà gbọ̀ọ̀rọ̀, á sì mú márùn-ún tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún jẹ́ ọgbọ̀n. Ìdajì tó bá kéré ló ń ṣáájú, kí fóònù méjèèjì lè to nọ́ńbà náà bákan náà.

Tí ẹnì kan bá wà láàárín, àgádágodo tí mo ní lọ́wọ́ kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ńbà tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi á yàtọ̀ síra nìyẹn, kì í sì í ṣe nọ́ńbà kan tàbí méjì ló máa yàtọ̀. Gbogbo ọgọ́ta yẹn á dàrú pátápátá. Ẹ ò nílò ojú idì láti rí i.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nọ́ńbà wa bára mu. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín èmi àti fóònù tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí mo gbàgbé ni pé kò sí ohun tó sọ fún mi pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni fóònù yẹn wà! Bí olè bá ti gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kan sórí Wọ́sáàpù tirẹ̀, fóònù olè á ṣe kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo tuntun, kóòdù á yí padà, èmi àti olè á sì ní nọ́ńbà kan náà tó bára mu rẹ́gí. Bí mo bá ní kó ya àwòrán rẹ̀, á yà á. Kí ló máa dá a dúró? Inú ilé olè ni mo wà tí mò ń bi olè pé ṣé òun ni onílé.

Mo pa áàpù báńkì dé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí ìlà fóònù lásán. Kì í ṣe ìpè Wọ́sáàpù o, ọ̀dọ̀ olè nìyẹn máa lọ. Ohùn wọn ni mo gbọ́: "Àjàní, ṣé àlàáfíà lo wà? Wọ́sáàpù mi ti lé mi jáde látàárọ̀, n ò mọ ohun tí mo ṣe fún un." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹnì kankan bi yín ní nọ́ńbà mẹ́fà kan?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan pè wọ́n láàárọ̀, pé òun ń to orúkọ àwọn oníṣòwò aṣọ fún ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kóòdù ìforúkọsílẹ̀ máa dé sórí fóònù wọn, kí wọ́n kà á fún òun. Wọ́n sì kà á. Kóòdù tí Wọ́sáàpù fi ń gbé nọ́ńbà ẹni sórí fóònù tuntun ni.

Kóòdù ẹlẹ́nu mẹ́fà yẹn àti kóòdù ààbò ọlọ́gọ́ta kì í ṣe ohun kan náà, ẹ má da wọ́n pọ̀. Ti ẹlẹ́nu mẹ́fà, ẹ ò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni. Ti ọlọ́gọ́ta, bí gbogbo ọjà bá gbọ́ ọ, kò sóhun tí wọ́n lè fi ṣe.

A ní kí ẹ̀gbọ́n mi tún Wọ́sáàpù wọn forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú síìmù tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe tẹ kóòdù tuntun tó dé, olè náà jáde. Àmọ́ ó ti fi `Two-step verification` tirẹ̀ há ilẹ̀kùn, nítorí náà ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó lè wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé, ìlà kékeré yẹn tún yọ lórí fóònù mi: kóòdù tún ti yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yẹ kó yí padà.

Mo lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ṣí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, a tẹ orúkọ tó wà lókè, a wọ `Encryption`. Mo tẹ `Scan code`, mo sì fi kámẹ́rà mi wo àwòrán onígun mẹ́rin dúdú-funfun tó wà lójú fóònù wọn. Àmì àwọ̀ ewé yọ, ó parí. Bí ẹ bá jìnnà síra, ẹ pe ara yín lórí ìlà fóònù lásán, kí ẹ sì pín nọ́ńbà náà kà: ìwọ ka márùn-ún, kí ẹnìkejì ka márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń kà á, èkejì lè máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" láì wo nǹkan kan. Mo mọ èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ìlà kékeré tó kọ́kọ́ kì mí nílọ̀ yẹn kì í yọ fúnra rẹ̀ lórí gbogbo fóònù. Ẹ̀yin lẹ máa tàn án: `Settings`, `Account`, `Security notifications`. Bí ẹ bá tàn án, á máa yọ dáadáa, nítorí pé ẹni tó bá ra fóònù tuntun tàbí tó pa Wọ́sáàpù rẹ́ tó tún gbé e padà, kóòdù rẹ̀ á yí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe olè. Èmi kì í pe gbogbo èèyàn. Àwọn tí owó tàbí àṣírí wà láàárín wa nìkan ni mò ń pè.

Láti ọdún 2023, Wọ́sáàpù ti ní àyẹ̀wò kan tó ń ṣe ara rẹ̀, tí fóònù yín fi ń wò ó bóyá àgádágodo tí wọ́n gbé fún un ni wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ gbogbogbòò. Ohun tó dáa ni, ó ń lé ẹni àárín yẹn jìnnà. Ṣùgbọ́n àgádágodo olè tó gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi náà máa wọnú ìwé yẹn lọ́nà ẹ̀tọ́. Kò sì sí kóòdù tó lè gbà yín bí ẹlòmíì bá ń wo èjìká ẹnìkejì yín, tàbí tó bá ń ya àwòrán ọ̀rọ̀ yín káàkiri.

Oṣù tó kọjá, mo pààrọ̀ fóònù. Kí n tó jẹun alẹ́, ìpè ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé, orí ìlà lásán. Wọn ò tiẹ̀ dúró kí n kí wọn. "Àjàní, mo rí ìlà yẹn lójú fóònù mi. Ka márùn-ún àkọ́kọ́."