Egbò ẹnu tó ń lọ tó ń bọ̀, àti èyí tó jókòó sójú kan

Ọ̀rọ̀ egbò inú ẹnu la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé àwa ènìyàn máa ń bẹ̀rù èyí tí kò léwu, a ó sì fojú kékeré wo èyí tó léwu. Ìrora la fi ń wọ̀n ọ́n: bí ó bá ń ta wá gan-an, a ó sáré, bí kò bá dun wá, a ó ní kò sí nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ egbò ẹnu, ìwọ̀n yẹn máa ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní áfìtì. Ó kéré, ó rí roboto, kò jinlẹ̀. Àárín rẹ̀ funfun tàbí kó pọ́n bí ìyẹ̀fun gààrí, etí rẹ̀ sì pupa yí i ká. Inú ètè, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ ahọ́n ló sábà máa ń yọ sí, níbi tí ẹran ẹnu ti rọ̀. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ta ènìyàn bí iná, pàápàá bí ata bá kàn án. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 7 sí 14, yóò ti jiná láìfi àpá sílẹ̀. Oṣù kan tàbí méjì lè kọjá, yóò tún yọ, níbòmíràn nínú ẹnu. Ọ̀pọ̀ ló ti ń rí i láti ìgbà èwe. Ó máa ń wá nígbà tí ara bá rẹ̀ wá, tí oorun ò tó, tí ìrònú pọ̀, tàbí tí ènìyàn bá fi eyín gé ẹnu ara rẹ̀ jẹ. Kì í ran ẹlòmíràn. Kì í sì í di jẹjẹrẹ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Omi gbígbóná díẹ̀ tí a po iyọ̀ sí, ká fi máa yọ ẹnu, ká sì fi ata àti ọsàn kíkan sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ń yọ lemọ́lemọ́ ṣá, ó yẹ kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìtó fítámì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí egbò bá tún wà lójú ara, tàbí tí ojú ń pọ́n tó ń dunni, ẹ sọ fún dókítà, kódà bí ojú bá ń tì yín.

Èyí kejì wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mú bàbá àgbẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 58, tó ti ń mu sìgá láti ìgbà ọ̀dọ́, tó sì máa ń fi sódàbì sinmi nírọ̀lẹ́. Eyín ẹ̀yìn kan ti kán ní apá òsì, ìsàlẹ̀. Egbò kan wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n, tó dojú kọ eyín yẹn gan-an. Bàbá ní eyín ló ń gé òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, torí eyín tó kán àti eyín àtọwọ́dá tí kò bá ẹnu mu máa ń dá egbò sílẹ̀ lóòótọ́. Ó ra oògùn lọ́jà lẹ́ẹ̀mejì, ó lò ó tán. Egbò ṣì wà níbẹ̀. Kò sì dùn ún púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún sílẹ̀ kó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un nìyí. Wọn yóò yọ eyín náà, tàbí kí wọ́n fi irin pa ẹnu rẹ̀ tó mú rẹ́. Wọn yóò wá kọ ọjọ́ sílẹ̀, wọn yóò ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14, ó pẹ́ tán. Egbò tí eyín dá sílẹ̀ yóò ti máa pa dé nígbà náà, nítorí ohun tó ń gé e ti kúrò. Bí kò bá pa dé, eyín kọ́ nìyẹn mọ́. Bàbá padà lọ́jọ́ kẹrìnlá, egbò wà síbẹ̀ bó ṣe wà.

Nígbà náà ni dókítà yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò fi ìka kàn án. Ìka sábà máa ń rí ohun tí ojú kò rí. Áfìtì rọ̀ bí ẹran ẹnu yòókù. Egbò jẹjẹrẹ sábà máa ń le gbagidi, bí ẹni pé kókó kan wà lábẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ á sì ga sókè, á yí po. Yóò tún fi ọwọ́ wá kókó ní ọrùn àti lábẹ́ àgbọ̀n. Àwọn àmì mìíràn tún wà: ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ láìnídìí, ojú pupa tàbí funfun nínú ẹnu tí kò ṣeé nù kúrò, eyín tó ń mì láìsí àrùn èrìgì, ètè tó kú, etí kan tó ń dunni nígbà tí etí fúnra rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ ahọ́n ni ibi tó yẹ ká fura sí jù. Tábà àti ọtí, bí wọ́n bá pàdé lára ẹnì kan, ewu wọn kọjá àròpọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mu ọ̀kankan nínú wọn náà lè ní i.

Gbogbo èyí, ìfura ni. Ohun tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni bíọpsí, ìyẹn ni pé kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọn yóò fún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó kú, bíi ti ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ eyín. Wọn yóò gé ẹyọ kékeré ní etí egbò, kì í ṣe àárín, torí ẹran àárín lè ti kú, kò ní sọ òótọ́. Wọn yóò fi òwú rán an bí ó bá yẹ, wọn yóò sì ju ẹran náà sínú omi fọ́mọ́ọ̀lù kó má bàa jẹrà. Ibẹ̀ ni dókítà mìíràn yóò ti fi míkíróskóòpù wò ó. Èsì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní bí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa tàn káàkiri. A ti gbọ́ ọ títí. Gígé díẹ̀ yẹ̀ wò kọ́ ló ń tàn án ká. Ìdádúró ló ń jẹ́ kó ráyè. Ẹ má sì fi álọ́mù tàbí omi bátìrì jó egbò náà kí ẹ tó lọ, torí ó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, dókítà ò ní mọ ohun tó ń wò mọ́.

Bí èsì bàbá bá jáde pé jẹjẹrẹ ni, tí egbò kò sì tíì ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí kò jinlẹ̀, tí kókó ò sí lọ́rùn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa fi mú un kúrò, ọ̀pọ̀ sì ń bọ́ nínú rẹ̀. Bí èsì bá ní kò sí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí egbò ò jiná, kó padà lọ. Ẹyọ tí wọ́n gé lè ṣàì bọ́ sí ibi tó yẹ, wọ́n sì lè tún gé òmíràn.